A Ó Ti Dátábéèsì Lálẹ́ Ìṣẹ́gun

Ìfilọ̀ náà kì í sábà ju ìlà mẹ́ta lọ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé: "Ẹ jọ̀wọ́, a ó ṣe àtúnṣe sí dátábéèsì wa ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ dúró díẹ̀. Ẹ ṣeun fún sùúrù yín." Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Ẹni tó kà á kò mọ ọjọ́, kò mọ wákàtí, kò mọ ohun tí òun máa fi ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ò bá dáhùn, kò sì mọ ohun tó yẹ kí òun kọ́kọ́ wò nígbà tó bá tún ṣí. Bí oníbàárà bá wá dúró síwájú rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, èyí tí gbogbo ẹni tó ti tò sí báǹkì rí mọ̀ dáadáa: "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ náà kò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Dátábéèsì ni wọ́n tì. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí: orúkọ aláìsàn, owó tó wọlé, oògùn tó kù ní sítọ́ọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ kì í tọ́jú nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bù ú wá, ibẹ̀ náà ló sì ń dá a padà sí.

Púpọ̀ nínú ìtọ́jú dátábéèsì ni wọ́n lè ṣe láìti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n lè palẹ̀ àwọn àkọsílẹ̀ tí a ti pa rẹ́ mọ́, kí kaṣíà má sì mọ̀ pé ohunkóhun ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ sọ́fítíwia tó gbé dátábéèsì náà dúró, láti ẹ̀yà àtijọ́ sí ẹ̀yà tuntun, àfi kí wọ́n dá ìkọ̀wé dúró. Bí wọ́n bá ń da àkọsílẹ̀ láti inú ti àtijọ́ sínú tuntun nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ṣì ń kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn sínú ti àtijọ́, ohun tó kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti da ojú ibẹ̀ kọjá kò ní dé inú tuntun láéláé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sọ àkókò títì yìí di ìṣẹ́jú díẹ̀, nípa jíjẹ́ kí dátábéèsì méjì máa tẹ̀lé ara wọn títí di àkókò tí wọ́n máa pààrọ̀ wọn. Ó gba sáfà sí i, ó sì gba ọwọ́ tó mọṣẹ́. Ibi iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n kì í sábà ní méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. A ò ní fún un lórúkọ, nítorí àpẹẹrẹ lásán ni, àmọ́ irú ìṣirò tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ló wà nínú rẹ̀. Dátábéèsì ilé ìwòsàn náà wà lórí PostgreSQL 13, ó sì tóbi tó jígábáìtì 180. Sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ni PostgreSQL. Àwọn tó ń ṣe é máa ń gbé ẹ̀yà ńlá kan jáde lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún 5. Ìtọ́jú ẹ̀yà 13 parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá rí ihò tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀, àwọn tó ṣe é kò ní dí i mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà fi fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀yà 17.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n ṣe ẹ̀dà dátábéèsì náà sórí sáfà mìíràn, wọ́n dán gbogbo iṣẹ́ náà wò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń wo aago bí wọ́n ti ń ṣe é. Èyí ni apá tí ọ̀pọ̀ ń fò, òun ló sì fa "iṣẹ́ dúró díẹ̀" tó wà nínú ìfilọ̀ wọn: ẹni tí kò dán an wò kò lè mọ iye wákàtí. Wọ́n rí i pé ó máa gba ìṣẹ́jú 10 láti rí i dájú pé kò sí ẹni tó ṣì wà nínú ètò náà. Ẹ̀dà ìpamọ́ ìkẹyìn máa gba ìṣẹ́jú 30, nítorí sáfà wọn ń da nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irinṣẹ́ tó ń pààrọ̀ ẹ̀yà, `pg_upgrade`, tún máa da fáìlì wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i, ìṣẹ́jú 30 mìíràn. Kí ẹ̀yà tuntun tó mọ bí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ṣe tò, ìṣẹ́jú 25. Àyẹ̀wò, ìṣẹ́jú 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 5.

Kí ló wá dé tí ìfilọ̀ wọn fi sọ wákàtí 4?

Ìdí ni pé iṣẹ́ tí kò bá yọrí gbọ́dọ̀ ní àyè láti padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 alẹ́ tí gbogbo nǹkan sì lọ geere, aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n máa parí. Bí wàhálà bá dé, wọ́n ní àyè láti tún un ṣe títí di aago 2. Tí aago 2 bá lù tí ọ̀rọ̀ ò tíì bọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣíwọ́, kí wọ́n ti ẹ̀yà tuntun, kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣí, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn gba ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 15 tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Aago 3 tí wọ́n kọ sínú ìfilọ̀ wá jẹ́ ìlérí tí wọ́n lè mú ṣẹ yálà iṣẹ́ náà yọrí tàbí kò yọrí, òṣìṣẹ́ kò sì nílò ju ìyẹn lọ.

Ẹni tó máa sọ pé "ó tó, ẹ jẹ́ ká padà" ní aago 2 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ti ń bá iṣẹ́ jìjàkadì láti alẹ́ máa ń gbà gbọ́ pé ìṣẹ́jú 10 péré ló kù. Ó máa ń gbà bẹ́ẹ̀ ní aago 2, ó sì tún máa ń gbà bẹ́ẹ̀ ní aago 4.

Ọ̀nà kan wà tó yára ju èyí lọ. Bí wọ́n bá fi `--link` kún àṣẹ `pg_upgrade`, kò ní da fáìlì kankan. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ló máa gbà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀nà yẹn, fáìlì kan náà ni ẹ̀yà méjèèjì ń lò, tí wọ́n bá sì ti lè ṣí tuntun báyìí, ti àtijọ́ kò ṣeé ṣí mọ́ láìséwu. Ilé ìwòsàn wa yan èyí tó pẹ́, nítorí ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Wọ́n sì gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn kí wọ́n tó kọ ìfilọ̀ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017 ló kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dátábéèsì ní èyí. Ọ̀dọ̀ GitLab ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia ń kó iṣẹ́ wọn sí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnjiníà kan tí wàhálà dátábéèsì ti gbà lọ́wọ́ láti ìrọ̀lẹ́ fẹ́ pa àwọn fáìlì kan rẹ́ lórí sáfà kejì, ṣùgbọ́n orí sáfà àkọ́kọ́, èyí tí àwọn oníbàárà ń lò, ló tẹ àṣẹ náà sí. Kó tó dá a dúró, nínú nǹkan bíi jígábáìtì 300, bíi 4.5 péré ló kù. Wọ́n sáré wo ẹ̀dà ìpamọ́ wọn, wọ́n bá a lófo. Irinṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe é jẹ́ ti ẹ̀yà 9.2, dátábéèsì wọn sì jẹ́ 9.6, nítorí náà ó ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn, ló yọ wọ́n. Ohun tí àwọn oníbàárà kọ láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn tí ìṣirò ti parí, ó ku ọjọ́. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mú alẹ́ Àbámẹ́ta, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Mátírọ̀nì ló kọ́kọ́ rí àkọ̀sílẹ̀ ìfilọ̀ náà, ó sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ Sátidé níbí rí?"

"Rárá, mà."

"Alẹ́ Sátidé ni àwọn tó ń ti òde ìnáwó bọ̀ máa ń kọlu ara wọn lójú títì. Wọ́n á gbé ènìyàn mẹ́fà wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn lo fẹ́ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?"

Wọ́n jọ ṣí àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó hàn pé alẹ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú ni ilé ìwòsàn náà ń parọ́rọ́ jù. Ó tún ní àǹfààní kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rò tẹ́lẹ̀: bí nǹkan bá yíwọ́, òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni, gbogbo ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ máa wà lẹ́nu iṣẹ́, kò ní máa wá ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2026. Àjíǹde ti kọjá nígbà yẹn, owó oṣù kò sì tíì dé tí ẹ̀ka ìṣirò owó á fi máa fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Wọ́n fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 7 ṣáájú, wọ́n tún rán ènìyàn létí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kì í sábà ka ímeèlì. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Sí gbogbo òṣìṣẹ́. A ó ti ètò rẹ́kọ́ọ̀dù láti aago 11 alẹ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 14 títí di aago 3 òru mọ́jú Ọjọ́rú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Láàárín wákàtí 4 yìí, ẹ kò ní lè ṣí fáìlì aláìsàn, ẹ kò ní lè gba owó lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kò sì ní lè wo èsì láàbù. Fóònù, ímeèlì àti gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá iṣẹ́ abẹ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú ohun tí ẹ ń kọ, kí ẹ sì jáde kúrò nínú ètò náà pátápátá kó tó di aago 10:50. Ohun tí ẹ kò bá tíì tọ́jú nígbà tí aago 11 bá lù máa sọnù. Ẹ lo fọ́ọ̀mù aláwọ̀ yẹ́lò títí ẹ ó fi gbọ́ pé a ti ṣí. Ẹ má wọlé kí ẹ tó gbọ́, kódà bí ojú ewé bá dáhùn. Bí a bá ní láti padà sí ti àtijọ́, a ó sọ fún yín kó tó di aago 2:15. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè páásíwọọ̀dù yín nítorí iṣẹ́ yìí, a kò sì ní fi ìlìǹkì kankan ránṣẹ́ sí yín."

Ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀kejì máa rí i pé orúkọ PostgreSQL kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò nílò rẹ̀. Ohun tó nílò ni ohun tí kò ní ṣiṣẹ́, àti ohun tó ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí ìfilọ̀ kò bá dárúkọ ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹnì kan á ti gbé fóònù láti béèrè, ẹlòmíràn á sì fọkàn ara rẹ̀ dáhùn.

Wọ́n kọ "alẹ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú" pẹ̀lú ọjọ́ méjèèjì, nítorí "aago 12 òru Ọjọ́rú" lè jẹ́ òru méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ènìyàn méjì. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka lókè òkun tún ní iṣẹ́ kan láti ṣe níbẹ̀. Aago Kútọnu bá ti Èkó dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Lomé fi wákàtí 1 rẹ̀yìn. Lọ́ńdọ̀nù bá Èkó dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì fi wákàtí 1 rẹ̀yìn nígbà òtútù. Kí wọ́n kọ "aago Nàìjíríà" síwájú nọ́ḿbà náà, ọ̀rọ̀ ti tán.

Gbólóhùn pé kí ènìyàn jáde pátápátá kì í ṣe àṣejù. Òṣìṣẹ́ tó fi ojú ewé sílẹ̀ ní ṣíṣí tó sì lọ sílé lè ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé kan tí kò parí, dátábéèsì náà á sì máa dúró dè é. Ní aago 11, àwọn ẹnjiníà máa béèrè ẹni tó ṣì wà nínú ilé báyìí:

```sql
SELECT usename, state, query_start
FROM pg_stat_activity
WHERE datname = 'iwosan';
```

Bí wọ́n bá rí `idle in transaction` lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan, ìkọ̀wé tí kò parí nìyẹn. Wọ́n á pe ẹni náà bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá sí, wọ́n á yọ ọ́ jáde, ohun tó ń kọ á sì lọ.

Láàárín wákàtí mẹ́rin wọ̀nyẹn, ìwé ni gbogbo iṣẹ́. Ní aago 10 alẹ́, wọ́n tẹ orúkọ gbogbo aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì jáde, pẹ̀lú oògùn tí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í gbà àti oògùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láti aago 11 sí aago 6 àárọ̀. Wọ́n mú un dé aago 6 nítorí wọ́n rò ó pé ètò náà lè má ṣí ní aago 3. Fọ́ọ̀mù yẹ́lò náà ti ní nọ́ḿbà lórí tẹ́lẹ̀, láti D-001 dé D-060. Aláìsàn tuntun tó bá dé máa gba ọ̀kan, nọ́ḿbà kan náà á sì wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sí láàbù àti rìsíìtì rẹ̀ lọ́dọ̀ kaṣíà. Láìsí nọ́ḿbà yẹn, ìgò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ "Bàbá Ṣẹ́gun" sí lára lè bára wọn pàdé ní láàbù ní aago 1 òru.

Kí wọ́n tó kéde pé ètò ti ṣí, ìṣẹ́jú 30 àyẹ̀wò wà. Ta ló ń ṣe àyẹ̀wò yẹn? Bí ó bá jẹ́ ẹnjiníà nìkan, ó máa ka iye àkọsílẹ̀ tó wà nínú ti àtijọ́ àti ti tuntun, wọ́n á bára mu, inú rẹ̀ á sì dùn. Ìyẹn kò tó, báǹkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi ara gbá a. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, báǹkì náà fẹ́ kó àkọsílẹ̀ oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 5 kúrò lórí ẹ̀rọ Lloyds, níbi tó ti ń háyà àyè, lọ sórí ẹ̀rọ tuntun ti Sabadell tó ra báǹkì náà. Wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà pé iṣẹ́ máa dúró láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 20 títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́ Àìkú ọjọ́ 22. Àkọsílẹ̀ náà dé ibi tó ń lọ láìyingin. Ohun tó yí i ká ni kò ṣiṣẹ́: àwọn oníbàárà kò lè wọlé, àwọn ẹ̀ka báǹkì náà kò lè ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì ń rí àkáǹtì ẹni tí wọn kò mọ̀. Àwọn olè náà kò sùn. Wọ́n ń fi orúkọ báǹkì náà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tí ara wọn ò balẹ̀, kí wọ́n lè gba páásíwọọ̀dù wọn.

Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ilé sáfà méjì ló yẹ kó gbé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni wọ́n fi agbára dánwò. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni nǹkan tó padà sí bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó báǹkì níbẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù pọ́n-ùn 48.65 lé TSB lórí, lẹ́yìn mílíọ̀nù 32.7 tí báǹkì náà ti san fún àwọn oníbàárà gẹ́gẹ́ bí gbà-máà-bínú.

Nítorí náà, ní ilé ìwòsàn Ìbàdàn wa, ẹnì mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ní kó wọlé kí ìkéde tó jáde. Nọ́ọ̀sì kan ṣí fáìlì aláìsàn tó mọ̀ dáadáa, kaṣíà tẹ rìsíìtì ìdánwò kan jáde, ẹni tó wà ní láàbù wá èsì àná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ pé òun kò rí ohun tó yẹ kí òun rí, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí. Àkókò yìí nìkan ni pípadà sẹ́yìn rọrùn. Tí kaṣíà bá ti gba owó àkọ́kọ́ òwúrọ̀ sínú ẹ̀yà tuntun báyìí, ẹni tó bá fẹ́ padà sí ti àtijọ́ máa pàdánù owó yẹn àti gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn rẹ̀, àfi kí wọ́n tún wọn kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Aago 2 kù ìṣẹ́jú 20 ni ìkéde kejì jáde. Iṣẹ́ ti yá ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí irú ìyẹn.

Ohun tó kàn jẹ́ ti òṣìṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìfilọ̀ ti ń dákẹ́. Ìkéde kejì ilé ìwòsàn yìí kọ́kọ́ ní kí olúkúlùkù ti ojú ewé àtijọ́ tó ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì wọlé lákọ̀tun. Lẹ́yìn náà, kó wá ohun ìkẹyìn tó kọ kí wọ́n tó tì. Àwọn kaṣíà ti kọ nọ́ḿbà rìsíìtì tó gbẹ̀yìn sórí ìwé ní aago 10:50. Bí rìsíìtì yẹn bá wà níbẹ̀, tí iye owó rẹ̀ sì pé, ọkàn wọn balẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹnjiníà kankan kò sì lè bá wọn ṣe é, nítorí kò mọ ohun tí wọ́n kọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù yẹ́lò. Ẹnì kan ṣoṣo ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ẹnì kejì sì ń wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń kọ ọ́ láìmọ̀ nípa ara wọn, aláìsàn kan á di méjì. Wákàtí tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ. Oògùn tí wọ́n fún aláìsàn ní aago 12 òru, tí wọ́n wá kọ sínú kọ̀ǹpútà ní aago 4, kò gbọ́dọ̀ hàn bí oògùn aago 4. Nínú ohun gbogbo tó lè yíwọ́ lẹ́yìn àtúnṣe, èyí ló léwu jù fún ara ènìyàn: nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ máa wo ojú kọ̀ǹpútà, ó máa rí i pé wọn ò tíì fún aláìsàn ní oògùn òru, á sì tún un fún un. Mátírọ̀nì pàṣẹ pé oògùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó wọlé kí ó tó kan owó, kí ó sì parí kí àwọn òwúrọ̀ tó gbaṣẹ́ ní aago 8. Wọ́n tọ́jú àwọn fọ́ọ̀mù náà sínú fáìlì. Wọn ò ya wọ́n dànù.

Ó ku bí kọ̀ǹpútà ṣe máa yára tó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ti rí i pé ọjọ́ tó tẹ̀lé àtúnṣe ni ètò máa ń falẹ̀ jù, wọ́n á sì gbà pé wọ́n ti bà á jẹ́. Nígbà míì, ìdí rẹ̀ kò ju pé dátábéèsì tuntun dà bí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́: gbogbo ẹrù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ibi tí èyí tó pọ̀ wà àti ibi tí èyí tó kéré wà, nítorí náà ó ń yẹ gbogbo pẹpẹ wò nítorí páálí kan. `pg_upgrade` máa ń kó àkọsílẹ̀ wá, ṣùgbọ́n títí dé ẹ̀yà 17 kì í kó ìmọ̀ nípa bí wọ́n ṣe pọ̀ tó wá pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ya ìṣẹ́jú 25 sọ́tọ̀ fún àṣẹ yìí:

```
vacuumdb --all --analyze-in-stages
```

Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ máa gba ìpè púpọ̀ ní aago 9 àárọ̀. Ẹ̀yà 18, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ti ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ yẹn dání wá, nítorí náà ìyà yìí máa dín kù fún àwọn tó bá ń lọ sí ẹ̀yà yẹn.

Ìkéde kejì sọ fún òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa mọ ìyàtọ̀. Bí ojú ewé bá pẹ́ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ ṣí i, ṣùgbọ́n tó yá ní ìgbà kejì, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí ojú ewé kan náà bá ń pẹ́ nígbà gbogbo, tàbí tí àwọn mìíràn ń yá tí ọ̀kan ṣoṣo ń falẹ̀, ẹ pè wá. Ẹ má tẹ "Save" lẹ́ẹ̀mẹta. Owó kan lè di mẹ́ta. Bí ẹ bá pè, ẹ sọ aago tó ṣẹlẹ̀, ojú ewé tí ẹ wà, nọ́ḿbà aláìsàn, kí ẹ sì ka ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́. "Kò ṣiṣẹ́" máa gba ìdajì wákàtí kí wọ́n tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. "Aago 9:10, ojú ewé èsì láàbù, nọ́ḿbà D-014, ó ní kò rí àkọsílẹ̀" kò ní gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nítorí wọ́n á ti mọ̀ pé fọ́ọ̀mù yẹ́lò tí wọn ò tíì kó wọlé ni.

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìkéde náà ní ọjọ́ kan nínú: Ọjọ́rú ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin. Títí di ọjọ́ náà, dátábéèsì àtijọ́ ṣì wà lórí sáfà, ní títì, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ní aago 11 alẹ́ Ìṣẹ́gun. Bí kaṣíà bá sọ pé rìsíìtì kan ní oṣù tó kọjá kò pé mọ́, wọ́n lè ṣí i, kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Lẹ́yìn ọjọ́ 22, wọ́n máa pa á rẹ́ láti gba àyè jígábáìtì 180 náà padà, ẹ̀dà ìpamọ́ alẹ́ ọjọ́ náà nìkan ló sì máa kù láti tú wò. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ láti rò, kó rò ó láàárín ọjọ́ méje yẹn, kó sì mú nọ́ḿbà rìsíìtì rẹ̀ dání.